Ìwé Oorun Ọ̀sẹ̀ Méjì: Ohun Tí Ẹ Ó Mú Lọ Bá Dókítà

Ọ̀rọ̀ àìróorunsùn la fẹ́ jọ sọ lónìí. Mi ò ní sọ ewé tí ẹ ó sè tàbí àgbo tí ẹ ó mu. Ìwé kékeré kan àti bírò kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí àwọn méjèèjì ṣe lè ran ẹni tó fẹ́ lọ rí dókítà nítorí oorun lọ́wọ́.

Bí ẹni tí oorun ń yọ lẹ́nu bá jókòó síwájú dókítà, ohun tó sábà máa ń sọ ni pé, "Dókítà, mi ò fojú kan oorun." Dókítà á ní, "Aago mélòó lẹ dùbúlẹ̀ lálẹ́ àná? Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kí oorun tó gbé yín lọ? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ jí, kí ló sì ń jí yín?" Aláìsàn á wo òkè, á wo ilẹ̀, á ní, "Ẹ ṣáà fún mi ní nǹkan tí n ó lò." N kò dá a lẹ́bi. Òru kò ṣeé rántí bí ọ̀sán. Èyí tó burú jù lọ nínú oṣù ló máa ń dúró síni lọ́kàn. Àwọn tó sàn díẹ̀ á ti fò lọ. Bí dókítà kò bá sì gbọ́ ju "mi ò sùn" lọ, oògùn oorun ló rọrùn jù fún un láti kọ, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń jí onítọ̀hún lè jẹ́ nǹkan tí oògùn oorun kò lè mú kúrò.

Ìdí ni pé níbi ọ̀rọ̀ oorun, kì í ṣe ohun tó ń ṣe Àbóyadé ló ń ṣe gbogbo ọlọ́ya. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé kí oorun tó gbé e lọ gan-an ni wàhálà rẹ̀. Bó bá ti lè sùn, ó di àárọ̀. Ẹlòmíràn á sùn kíá, ṣùgbọ́n á máa jí lóru léraléra. Ẹ̀kẹta á jí ní aago 3 ìdájí, ojú rẹ̀ á dá, ọkàn rẹ̀ á wúwo, kò sì ní lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, dókítà á fẹ́ mọ̀ bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá a jà. Ẹ̀kẹrin á sun wákàtí 8 gbáko, síbẹ̀ á jí bí ẹni tó fi gbogbo òru la igi. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sọ pé àwọn kò sùn dáadáa, ìtọ́jú wọn kò sì jọra rárá. Iṣẹ́ ìwé oorun ni kó fi èyí tó jẹ́ tiyín hàn.

Irú ìwé tí ọmọ yín ń lò nílé ìwé ti tó. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan. Ẹ má fi sí abẹ́ ìrọ̀rí o. Ẹ gbé e sí ibi tí ẹ ó ti rí i lówùúrọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ń fọ eyín tàbí níbi tí ẹ ti ń mu tíì, nítorí àárọ̀ la ti ń kọ ọ́, láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ bá dìde. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ gorí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ dìídì pa ojú dé láti sùn, nítorí ó lè yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dùbúlẹ̀ ní aago 9, wọ́n á máa tẹ fóònù títí di aago 10 àbọ̀. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ẹ rò pé ó gbà kí oorun tó gbé yín lọ, iye ìgbà tí ẹ jí, àti àpapọ̀ àkókò tí ẹ fi lajú sílẹ̀ lóru. Lẹ́yìn náà, ìgbà tí ẹ jí tí ẹ kò tún sùn mọ́, àti ìgbà tí ẹ dìde kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an. Ní ìparí, ẹ fún oorun náà ní máàkì láti 1 dé 5: kí 1 jẹ́ èyí tó burú jáì, kí 5 jẹ́ èyí tó dùn mọ́ yín.

Apá kejì wà tó jẹ́ ti ọ̀sán, alẹ́ lẹ ó kọ ọ́ kí ẹ tó lọ sùn. Oorun ọ̀sán wà níbẹ̀: ìgbà wo ni, ó sì pẹ́ tó? Ẹ ka èyí tí ẹ sùn nínú bọ́ọ̀sì mọ́ ọn, àti ìgbà tí ẹ kàn ní ẹ fẹ́ rẹjú nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kọ obì, kọfí, tíì, ọtí, àti àwọn ohun mímu inú agolo tí àwọn awakọ̀ fi ń lé oorun, pẹ̀lú aago tí ẹ mu wọ́n. Obì tí a ń jẹ nílé ìnáwó ní èròjà kan náà tó wà nínú kọfí, tó ń lé oorun. Nínú ara ọ̀pọ̀ àgbà, ó ń gba nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò. Nítorí náà, obì tí a jẹ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́, ìdajì agbára rẹ̀ ṣì wà lára ní aago 11 alẹ́. Ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ lò àti aago tí ẹ lò ó. Ẹ má fo aago o. Nígbà míì ó máa ń wúlò ju orúkọ oògùn lọ, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀: Nẹ́pà mú iná lọ, ooru mú, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, ọmọ ń gbóná, ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jí fún sààrì. Ẹ má ṣe ju gbólóhùn kan lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ìwé yìí jẹ́ ni pé wọ́n fẹ́ kó péye. Wọ́n á gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n á máa tan fóònù wò: aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 20, aago 2 ku ìṣẹ́jú 10. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ẹni tó ń wo aago lóru ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò iye oorun tó kù fún un, ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀ á sì lé ìyókù lọ. Ẹ yí aago kọjú sí ògiri. Lówùúrọ̀, ẹ fojú bu ú: "bí ìṣẹ́jú 40," "bíi wákàtí kan." Dókítà mọ̀ pé àfojúbù ni, ohun tó sì ń fẹ́ nìyẹn. Àwọn kan ní aago ọwọ́ tó ń sọ iye tí wọ́n sùn. Bí ẹ bá ní in, kò burú kí ẹ fi hàn án, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún aago yẹn láti mọ̀ bóyá ẹ sùn tàbí ẹ kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ tí ẹ ń ro owó ilé ìwé ọmọ.

Bí ẹ bá gbàgbé láti kọ ọjọ́ kan, ẹ fi ojú ewé náà sílẹ̀ lófìfo. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń jókòó ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ sílé ìwòsàn, tí wọ́n á kọ ọjọ́ mẹ́rìnlá pọ̀ ní ìjókòó kan. Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń rí i: bírò kan náà, aago 10, aago 10, aago 10 láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni pé kò sí ọjọ́ Sátidé láyé onítọ̀hún. Ojú ewé mẹ́wàá tí a kọ lásìkò sàn ju mẹ́rìnlá tí a hun lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì? Òru mẹ́ta lè jẹ́ òru ìnáwó, ọ̀sẹ̀ kan sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ṣàìsàn. Ọ̀sẹ̀ méjì á kó ìparí ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ra, èyí tí ẹ ó fi lè fi ọjọ́ iṣẹ́ wé ọjọ́ ìsinmi lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá tún ara rẹ̀ ṣe láàárín àkókò yẹn, kì í sábà jẹ́ èèṣì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tíì yípo tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àpẹẹrẹ kan. Mo pa á pọ̀ ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà, ẹni ọdún 54, tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági n'Ìbàdàn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun kò sùn mọ́. Wọ́n ra ìwé fún un, ó kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí a ka àwọn òru náà pọ̀ tí a sì pín wọn, òru tirẹ̀ rí báyìí. Ó ń gorí bẹ́ẹ̀dì ní aago 9, ó ń pa ojú dé ní 9 àbọ̀. Oorun ń gbé e lọ lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 75, ìyẹn ní aago 11 ku ìṣẹ́jú 15. Ó ń jí lẹ́ẹ̀mẹta láti tọ̀, gbogbo àkókò tó ń fi lajú sílẹ̀ láàárín òru sì ń tó wákàtí kan. Ó ń jí pátápátá ní aago 5, ó ń dìde ní aago 6. Láti aago 11 ku ìṣẹ́jú 15 títí di aago 5 jẹ́ wákàtí 6 àti ìṣẹ́jú 15. Bí a bá yọ wákàtí kan tó fi lajú, ó ku wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 15. Ìyá tó ní òun kò sùn rárá ń sun ju wákàtí 5 lọ. Èyí kò sọ ọ́ di onírọ́, nítorí ẹni tó bá lo wákàtí 9 lórí bẹ́ẹ̀dì tó sì sun 5, wákàtí mẹ́rin tó fi wo àjà lára rẹ̀ ń rántí.

Iye yìí ni dókítà kọ́kọ́ ń wá. Ìṣẹ́jú 315 ló fi sùn nínú ìṣẹ́jú 540 tó lò lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn sì jẹ́ ìdá 58 nínú 100. Àwọn oníṣègùn oorun fẹ́ kó tó ìdá 85. Ṣùgbọ́n iye náà kò tíì sọ ìdí. Ìlà nípa oògùn àti ìlà ìsàlẹ̀ ló sọ ọ́.

Ní òru méjì péré nínú mẹ́rìnlá, ìyá yìí kò jí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí dókítà wo ìlà ìsàlẹ̀, ó rí i pé òru méjèèjì ló lò ní Òṣogbo níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò rẹ̀, tó sì gbàgbé oògùn sílé. Ní òru méjìlá tó kù, aago 8 alẹ́ ló ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń lé omi jáde lára, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, tó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Oògùn tó ń dáàbò bo ọkàn rẹ̀ ló ń jí i. Dókítà sún un sí àárọ̀. N kò wí pé kí ẹ sún tiyín o! Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kọ̀ọ̀kan ló ní àkókò tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí á gbàgbé oògùn sílé bíi ti ìyá yìí kì í ṣe ìtọ́jú. Àti pé ìtọ̀ òru kì í ṣe ti oògùn nìkan: ìtọ̀ ṣúgà lè fà á, wíwú ẹsẹ̀ àìsàn ọkàn lè fà á, bákan náà ni ẹṣẹ́ tó wú nísàlẹ̀ àpòòtọ̀ àwọn bàbá. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kejì tún wà. Ní ọjọ́ mẹ́fà, nígbà tí ọjà kò lọ, ìyá náà sun ju wákàtí kan lọ nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ní alẹ́ àwọn ọjọ́ yẹn, ó ń tó bíi wákàtí méjì kí oorun tó gbé e lọ. Ní ọjọ́ mẹ́jọ tí kò sun ọ̀sán, kò ju bí ìṣẹ́jú 40 lọ. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rò pé nítorí òun kò sùn lóru lòun ṣe ń sun ọ̀sán, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n oorun ọ̀sán náà ń jẹ nínú ti alẹ́.

Dókítà ní kó fi oorun ọ̀sán sílẹ̀, kó má sì gorí bẹ́ẹ̀dì mọ́ kó tó di aago 11 àbọ̀ alẹ́, kó dìde ní aago 5 àbọ̀ lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ Sọ́ńdè. Wákàtí 6 nìyẹn, tàbí ìṣẹ́jú 360. Kódà bí oorun rẹ̀ kò bá kọ́kọ́ ju ìṣẹ́jú 315 ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ti di ìdá 87 àbọ̀ nínú 100, nítorí wíwo àjà ló kọ́kọ́ dín kù. Bí ó bá fi ọ̀sẹ̀ kan dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa fi ìṣẹ́jú 15 sí 15 kún un díẹ̀díẹ̀. Ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ìwé oorun darí nìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá a ṣe nílé, pàápàá awakọ̀, ẹni tó ní wárápá, àti ẹni tí àìsàn ọpọlọ máa ń mú inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà, nítorí àìsùn tó le lè gbé àìsàn wọn dìde, ó sì lè mú awakọ̀ tòògbé lórí títì.

Ìwé oorun ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ mú awakọ̀ kan tó kọ pé òun ń sùn ní aago 10, tó ń jí ní aago 6, tí kò jí lóru rárá, síbẹ̀ tó ń tòògbé nínú go-slóò ní aago 11 àárọ̀. Ìwé rẹ̀ mọ́ féfé. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ lè sọ pé ó ń hanrun dé ilé kejì, pé hanrun náà á dákẹ́ lójijì, mímí á dúró, á wá ta gìrì bí ẹni tí omi gbé mì. Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí mo fi ń sọ pé kí ẹ mú ẹni tí ẹ jọ ń sùn dání. Bí kò bá lè wá, kí ó fi fóònù gba ohùn hanrun náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Dókítà lè bèèrè bí ẹ ṣe ń tòògbé tó nígbà tí ẹ bá ń kàwé, tí ẹ jókòó nínú ọkọ̀, tàbí tí ẹ jẹun ọ̀sán tán. Ìbéèrè mẹ́jọ irú rẹ̀ wà tí dókítà kan ní Ọsirélíà gbé jáde ní ọdún 1991, máàkì 0 sí 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ju 10 lọ nínú 24, oorun ọ̀sán rẹ̀ ti pọ̀ jù. Dókítà lè ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo mímí yín lójú oorun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé àti ẹni tí ẹ jọ ń sùn, oògùn ló kàn. Ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù kan, pẹ̀lú páálí tàbí ike tó wà: ti ilé ìwòsàn, ti kẹ́míìsì, ti ikọ́, ti ara ríro, fítámì, àgbo inú ìgò pẹ̀lú. Àgbo tí wọ́n fi ọtí pò ń fa oorun ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, á sì máa jíni kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá ń lo Fálíọ̀ọ̀mù, Lẹ́kísótàànù, tàbí oògùn oorun mìíràn tí ẹnì kan fún yín, ẹ sọ ọ́ láìtijú, kí ẹ sọ iye tí ẹ ń lò àti oṣù tó ti pẹ́ tó. Ẹ má dá a dúró lójijì kí dókítà lè rí i pé ẹ ti fi sílẹ̀. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, bó bá já a lójijì, ara lè gbọ̀n, oorun á tún burú sí i, gìrì sì lè mú un.

Ẹ mú káàdì tí wọ́n ń kọ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín sí. Kí ẹ sì ti ronú lé ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà: ikú ẹni kan, iṣẹ́ tó bọ́, oògùn tuntun, nǹkan oṣù tó ń dúró. Dókítà máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ ní òru mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, àti bóyá ó ti tó oṣù mẹ́ta, nítorí bí wọ́n ṣe ń dá àìsùn tó ti wọra mọ̀ nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ bá ń ṣe yín wìnnìwìnnì lálẹ́, tó jẹ́ pé àfi kí ẹ máa nà án, kí ẹ máa rìn, ẹ dárúkọ rẹ̀. Wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá irin inú rẹ̀ kéré. Nítorí pé ìbẹ̀wò náà kò lè pẹ́ púpọ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta péré tí ẹ fẹ́ bèèrè sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ohun tó jẹ yín lógún jù wà lókè.

Àwọn kan kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan. Ẹni tó ti sùn lọ nídìí ọkọ̀ rí, kó má wakọ̀ mọ́ títí dókítà yóò fi rí i. Ẹni tí èémí ń há bó bá dùbúlẹ̀, tó jẹ́ pé ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn, kó lọ lónìí. Ẹni tí kò sùn fún òru bíi mélòó kan, síbẹ̀ tí kò rẹ̀ ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, tó ń náwó bí òjò, kí àwọn ará ilé mú un lọ. Ẹni tí ẹ̀mí ara rẹ̀ ti sú, tó ń rò láti pa ara rẹ̀, kó sọ fún ẹnì kan nílé báyìí, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ yìí.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ lọ gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kí ẹ máa kọ ọ́ títí ọjọ́ yóò fi pé. Ẹ má sì ju ìwé náà sọnù lẹ́yìn tí dókítà bá ti wò ó tán, nítorí ó lè ní kí ẹ tún kọ ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn lẹ́yìn ìtọ́jú, èyí àkọ́kọ́ yìí ni yóò sì fi wé e.